«Ìbáramu» ni, àbí «ìtẹ̀lé»?

Ìyá Tóbi: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Faransé kọ èyí nípa ẹbí wa:

«Ma famille est grand. J'ai deux sœurs gentil. Mon frère et ma mère sont contentes. Ma grand-mère a les yeux marron.»

Kí ni kí n tún ṣe níbẹ̀? Kí ni Yorùbá sì ń pe bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣe ń yí padà nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ?

Akọ̀wé: «Ìbáramu» ni. Ẹ kọ «grande», «gentilles», «contents». Ẹ sì kọ «grande-mère» àti «yeux marrons», ojú méjì kúkú ni.

Olùkọ́ Àgbà: Akọ̀wé, ìlà ìkẹyìn nìkan ni ọmọ náà gbà, òun náà lẹ fẹ́ bà jẹ́! Láyé àtijọ́, «grand» kan náà ni Faransé ń lò fún takọtabo, ìyẹn ló ṣẹ́ kù sínú «grand-mère». «Marron» sì jẹ́ orúkọ èso tí wọ́n yá fún àwọ̀, kì í gba «s».

Ìyá Tóbi, ẹ ní kó ka tirẹ̀ sókè. «D» inú «grande» ń dún, etí á mú àṣìṣe akọ àti abo ibẹ̀. «S» ọ̀pọ̀ kì í dún ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kó wá «deux», «mes» tàbí «sont» nítòsí kó tó kọ ọ́. Ní ti ìlà kẹta, ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín wọn ti sọ «contentes» di «contents».

N kò fara mọ́ «ìbáramu». Ẹni méjì ló ń bára wọn mu, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ kì í yẹsẹ̀. «Ìtẹ̀lé» ni.

Bàbá Ìbejì: Ọkùnrin mẹ́fà ni wá nílé, obìnrin kan. Ṣé èmi lè kọ «ma famille est grand»?

Olùkọ́ Àgbà: Rárá, bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ni abo, kì í ṣe àwọn ará ilé yín.

Ọmọ Kétu: Àwa tí a fi Faransé kàwé ní Bẹ̀nẹ̀, «àkọ́ọ̀» la ń pè é, a kò wá Yorùbá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n «ìtẹ̀lé» á da ọmọ rú: nínú «petite sœur», «petite» ló ṣáájú, síbẹ̀ «sœur» ló ń darí rẹ̀.

Akọ̀wé: Mo gbà fún «marron». N kò tíì gbà fún «ìtẹ̀lé».

Ìyá Tóbi: Ẹ ṣeun. Mo sọ fún un pé aṣọ ẹbí ni: ọ̀rọ̀ orúkọ ló ni ìnáwó, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló ń rán aṣọ tó bá yàn, «marron» wọ tirẹ̀ wá. Ó yé e. Ó wá bi mí pé òdòdó kúkú ni «rose», kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ «joues roses» pẹ̀lú «s»?