«Ìsọdọ̀tun» tàbí «àtúnwò»? Lórí káàdì líǹkì tí kì í yọjú

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ìwé ìtọ́sọ́nà kan ni mo ń túmọ̀. Ó ní bí a bá ṣètò àkókò tí líǹkì yóò jáde, àpótí kékeré tó ń gbé àkọlé àti àwòrán kì í yọ nígbà mìíràn, pé kí a «sọ ọ́ dọ̀tun». Ṣé «ìsọdọ̀tun» tọ̀nà? Kí ni à bá sì pe àpótí náà?

Atúmọ̀ èdè: «Àwòtẹ́lẹ̀» ni èmi yóò pe àpótí náà, nítorí pé ẹni tó rí i ti wo díẹ̀ nínú ohun tó wà lẹ́yìn líǹkì kó tó ṣí i. Ní ti «ìsọdọ̀tun», n kò rí àléébù lára rẹ̀.

Olùtọ́jú ìkànnì: Ẹ̀gbọ́n, mo gba «àwòtẹ́lẹ̀», ṣùgbọ́n «ìsọdọ̀tun» yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí pé ojú ìwé náà kò gbó rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan kọ àpilẹ̀kọ tí yóò ṣí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tó sì ti fi líǹkì rẹ̀ sínú àtẹ̀jáde Facebook lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó lè jáde ní aago mẹ́jọ kan náà. Bó ṣe lẹ líǹkì náà mọ́ ibẹ̀ lálẹ́ ni róbọ́ọ̀tì Facebook lọ kan ilẹ̀kùn ojú ìwé náà, sáfà sì dá a lóhùn pé 404, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èsì òfìfo yẹn ni Facebook fi pa mọ́. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, tí àpilẹ̀kọ ṣí, èsì àná lè jẹ́ ohun tí yóò bá àtẹ̀jáde náà jáde. Ohun tí a ń bẹ̀ kí róbọ́ọ̀tì ṣe ni pé kó padà lọ wò, nítorí náà «àtúnwò» ló bá iṣẹ́ náà mu.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan: Ṣé kò rọrùn jù láti fi `?v=2` kún ìparí líǹkì? Àdírẹ́sì tuntun nìyẹn, kò sì ní èsì àtijọ́ kankan.

Olùtọ́jú ìkànnì: Ó ń ṣiṣẹ́ níbi kan, àbúrò, kì í sì í ṣe ibi gbogbo. Bí ojú ìwé náà bá ní àmì `og:url` tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì àkọ́kọ́, Facebook yóò tẹ̀ lé àmì náà padà sídìí èsì àtijọ́. Ohun tó dára jù ni kí a fi àdírẹ́sì náà sínú Sharing Debugger, irinṣẹ́ tí Facebook fi ń yẹ líǹkì wò, kí a wo nọ́ńbà tí sáfà fi dáhùn, kí a sì tẹ Scrape Again lẹ́yìn tí ojú ìwé ti ṣí. Bí nọ́ńbà náà bá ti di 200, ìyẹn ni pé sáfà ti rí ojú ìwé náà, tí àkọlé sì yọ, ṣùgbọ́n tí àwòrán kò sí, ó ṣeé ṣe kí Facebook ṣì máa ṣètò àwòrán náà lẹ́yìn, torí ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn. Bí a bá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ojú ìwé, kò ní dúró de ìyẹn:

```
<meta property="og:image:width" content="1200">
<meta property="og:image:height" content="630">
```

Ìyá oníṣòwò kan: Tèmi ti WhatsApp ni. Bí mo bá yára fi líǹkì ránṣẹ́ kí àwòrán tó yọ, líǹkì lásán ni àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí ń rí. Ṣé Debugger yìí yóò bá mi ṣe é?

Olùtọ́jú ìkànnì: Rárá, mà. Fóònù yín fúnra rẹ̀ ló ń lọ mú àwòtẹ́lẹ̀ wá nígbà tí ẹ ń tẹ ọ̀rọ̀. Ẹ kàn ní sùúrù kó yọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Atúmọ̀ èdè: Mo ti rí ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀, «àtúnwò» ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́: ohun tí olóòtú ń ṣe sí ìwé àfọwọ́kọ nìyẹn. «Àtúnmúwá» ńkọ́, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé róbọ́ọ̀tì ń lọ mú nǹkan wá?

Olùbéèrè: Bí mo bá lo «àtúnmúwá», ṣé àtẹ̀jáde tó ti jáde láìní káàdì náà yóò rí i gbà?

Olùtọ́jú ìkànnì: Ibi tí ìwé yín ti ní láti ya gbólóhùn sọ́tọ̀ nìyẹn. Lórí LinkedIn, irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Post Inspector ń mú èsì tuntun wá fún ẹni tó bá tún pín líǹkì náà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yí àtẹ̀jáde àtijọ́ padà. Lórí Bluesky, inú àtẹ̀jáde gan-an ni ohun èlò tí a fi kọ ọ́ ń to káàdì náà sí, nítorí náà bí ohun èlò tó ń ṣètò àkókò bá gbàgbé rẹ̀, kò sí àtúnmúwá kankan tó kù. Ẹ kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì tún un fi síta.

Atúmọ̀ èdè: A jẹ́ pé orúkọ kan kò ní kárí gbogbo wọn. N kò tíì fọwọ́ sí «àtúnwò» ṣá o.