Kí ni mo lè fi fọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàrígà ni mò ń gbé. Nẹ́ẹ̀tì funfun olóògùn tí wọ́n fún mi nígbà oyún ti yí àwọ̀ pátápátá.

Ti eruku kọ́ ni wàhálà. Omi tútù àti ọṣẹ ìfọṣọ lásán ń mú un kúrò. Mo kàn ń rọra tẹ̀ ẹ́ nínú báfù ni, n kì í bó o, ibòji ni mo sì ń sá a sí kí oòrùn má ba oògùn rẹ̀ jẹ́. Pípọ́n yìí ni kò lọ. Omi bohóòlù wa ni mo fura sí: tó bá sùn nínú garawa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ìpẹtà.

Aládùúgbò mi ní kí n da bílíìṣì sí i. Èmi ò gbà, bílíìṣì á ba oògùn jẹ́, á tún mú kí ìpẹtà lẹ̀ mọ́ ọn sí i. Ẹlòmíì ní omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé kò ní sọ òwú rẹ̀ di ẹlẹgẹ́? Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó kí n tó ṣàn án? Igun kan sì ti ń já létí bẹ́ẹ̀dì: ṣé kí n rán an kí n tó fọ̀ ọ́ ni?