Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìkéde Gẹ̀ẹ́sì tí mo yà ní fọ́tò, Páṣíà ni mo fẹ́ tú u sí, kì í ṣe Lárúbáwá

AlábòójútóIlé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó ilé kan ní Mánsẹ́sítà níbí tí àwọn tó wá forí pamọ́ sí Ìlú Ọba ń gbé. Àwọn oníṣẹ́ gáàsì lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo fi fóònù yà á, mo tú u sí Lárúbáwá fún àwọn ará Ìráànì tó wà lókè, wọ́n ní èdè àwọn kọ́ nìyẹn. Kí ni kí n lò? Báwo sì ni èmi tí n kò lè kà á ṣe máa mọ̀ pé Páṣíà gan-an ló jáde?

ỌmọÀfáà
Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Lárúbáwá náà ni wọ́n fi ń kọ Páṣíà. Ẹni tó bá lọ ilé kéú dáadáa á kà á. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi lé e: پ, چ, ژ àti گ, torí Lárúbáwá kò ní ìró wọn. Ẹ mú èyí tí ẹ ti tú yẹn, kí ẹ fi àwọn mẹ́rin yìí sí ibi tó yẹ, ó parí.

AdéÒǹtẹ̀wé
Ọmọ Àfáà, òótọ́ lẹ sọ nípa lẹ́tà mẹ́rin yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Páṣíà yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá, bí àwa náà ṣe yá àlùbáríkà àti àdúrà, ìyẹn kò sọ ọ́ di Lárúbáwá. Èdè méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Bí ẹ bá fi lẹ́tà Páṣíà sínú gbólóhùn Lárúbáwá, gbólóhùn Lárúbáwá náà ló ṣì jẹ́.

Ẹ wo gáàsì tó wà nínú ìkéde yẹn. Lárúbáwá ń kọ ọ́ báyìí: غاز. Ará Ìráànì tó bá rí غاز, ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tó tóbi jù ú lọ, tí ọrùn rẹ̀ gùn, ló máa rò pé ẹ ń sọ. Gáàsì tiwọn ni گاز.

Alábòójútó, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. N kì í jẹ́ kí fóònù lẹ ìtumọ̀ sórí fọ́tò tààrà, torí ìlà tó bá já sí méjì lórí ìwé, ó lè tú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìtumọ̀ á sì fọ́n ká. Ẹ gbé fọ́tò náà sínú Google Lens, kí ó kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde. Ẹ fi í wé ìwé tó wà lára ògiri, kí ẹ yẹ aago àti ọjọ́ wò dáadáa, kí ẹ sì so ìlà tó já pọ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá kó o sínú Google Translate, kí ẹ mú `Persian`. Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń ṣe é, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè: `tl=fa` ni Páṣíà, `tl=ar` ni Lárúbáwá.

Ọmọ_Lẹ́sítà
Ẹ jọ̀ọ́, páálí sáfúrọ́ọ̀nù kan wà lọ́wọ́ mi láti Ìráànì, n kò mọ ohun tí wọ́n kọ sí i. Ṣé bí mo ṣe máa kà á náà nìyí?

AdéÒǹtẹ̀wé
Òdìkejì ni tiyín. Ẹ ya fọ́tò páálí náà, kí ẹ fi Páṣíà sí apá ibi tí èdè ti ń wọlé. Bí ẹ bá fi Lárúbáwá síbẹ̀, ó lè ṣi گ kà sí ك.

AlábòójútóIlé
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tó jáde nìyí:

روز سه‌شنبه از ساعت ۹ صبح تا ۴ بعدازظهر گاز قطع است. لطفاً پارکینگ را خالی بگذارید.

Ìkéde náà ní gáàsì kò ní sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí páàkì mọ́tò ṣófo. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní gàdàgbà. Èyí tí wọ́n gbé wá, ojú mi kò gbà á. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró.

AdéÒǹtẹ̀wé
Ìtumọ̀ yín dára. Ẹ wá پ níwájú پارکینگ, ẹ ó rí i pé ب ni tí wọ́n fi àmì róbótó mẹ́ta sí nísàlẹ̀ dípò ẹyọ kan. گ ni ó bẹ̀rẹ̀ گاز, igi méjì ló wà lórí rẹ̀. Ẹ má wá چ àti ژ níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó lò wọ́n nínú ìkéde yìí, ژ tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ tún wo ìdí خالی: ی tó parí rẹ̀ kò ní àmì lábẹ́. Bí ẹ bá rí méjì lábẹ́ rẹ̀ báyìí, خالي, kíbọ́ọ̀dù Lárúbáwá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ dá ìwé yẹn padà fún wọn, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi پارکینگ dán an wò. Lẹ́tà méje ni, ṣùgbọ́n ìdì mẹ́ta ni ojú gbọ́dọ̀ rí láti ọwọ́ ọ̀tún: پا dì mọ́ra, ر dá wà, کینگ sì dì mọ́ra. Bí méjèèje bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí tí گ bọ́ sí apá ọ̀tún pátápátá, ètò tí wọ́n fi yàwòrán kò mọ bí a ṣe ń so lẹ́tà. Nígbà mìíràn wọ́n á dì mọ́ra, ṣùgbọ́n پ àti گ á sanra ju àwọn yòókù lọ tàbí kí àpótí òfìfo rọ́pò wọn. Fọ́ǹtì ló fa ìyẹn, wọ́n ṣe é fún Lárúbáwá nìkan. Vazirmatn àti Noto Naskh Arabic ní gbogbo lẹ́tà Páṣíà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ sọ ọ́ di PDF, èyí ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹnikẹ́ni má tún un tẹ̀.

Nọ́ọ̀sìBísí
Ẹ béèrè bóyá ará Afugánísítáànì wà nínú wọn o. Ní wọ́ọ̀dù wa, a tẹ ìwé Páṣíà fún obìnrin kan láti Kábùlù. Ó kà á, ṣùgbọ́n بیمارستان tí a kọ fún ọsibítù, ó ní ti Ìráànì nìyẹn, شفاخانه làwọn ń pè é. Dárì ni wọ́n ń pe tiwọn.

AdéÒǹtẹ̀wé
Lẹ́tà kan náà ni Dárì ń lò, Google Translate sì ti ní `Dari` lọ́tọ̀. Ìkéde gáàsì yìí á yé àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ lẹ́tà dókítà, màá tẹ méjì.

ỌmọÀfáà
Mo gbà. Ṣùgbọ́n aago ńkọ́? ۴ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ٤ tí mo mọ̀ ní kéú.

AdéÒǹtẹ̀wé
۴, ۵ àti ۶ ti Páṣíà yàtọ̀ sí ٤, ٥ àti ٦. Èmi a máa fi ti Páṣíà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sìBísí
Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì, 9 àti 4, ni wọ́n ń rí lórí aago àti bọ́ọ̀sì níbí, àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ti ilé mọ́.

AlábòójútóIlé
Bàbá kan wà lókè tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màá fi méjèèjì hàn án kí n tó lẹ̀ ẹ́, màá sì ní kí ó kà á sókè fún ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà sọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí aago àti ọjọ́ bá bá ti ìkéde mu, ó di ara ògiri lálẹ́ yìí.