Ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ rédíò yìí wò: ẹyin àti kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù

Akéde Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí rédíò n'Ìbàdàn níbí láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn èèyàn gbà gbọ́, pé ẹni tó bá ń jẹ ẹyin, dandan ni kí kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù rẹ̀ ga dé ojú ewu. Ohun tí mo kọ nìyí: "Kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù inú ẹyin ńlá kan tó bíi 186 mílígíráàmù, inú pupa rẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lára wa, bí a bá sì jẹ púpọ̀, ẹ̀dọ̀ a máa dín tirẹ̀ kù. Nítorí náà, ẹ máa jẹ ẹyin bó ṣe wù yín." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń kọ mí lóminú. Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá Oúnjẹ Sàngó: Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Òótọ́ ni pé ìlànà oúnjẹ ìjọba Amẹ́ríkà ti 2015 sí 2020 yọ òté 300 mílígíráàmù lójúmọ́ kúrò, àmọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ ẹ́ láìníwọ̀n. Ẹyin kan lójúmọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ìyẹn ni ẹ lè sọ láìbẹ̀rù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lo ìṣẹ́jú yín lé lórí ni ohun tí wọ́n fi ń dín ẹyin náà. Ọ̀rá tó máa ń dì, bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́, ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ dẹwọ́ nínú kíkó kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ó lágbára ju kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù inú oúnjẹ lọ.

Alásè Bódìjà: Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù kankan. Ara ewéko ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi dín ẹyin wọn, kí wọ́n kàn yọ pupa ẹyin dànù.

Ìyá Oúnjẹ Sàngó: Kò ní in lóòótọ́, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó ń dì yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbé àwo kan yẹ̀ wò: ẹyin méjì, a fi ṣíbí ìjẹun méjì epo pupa dín in. Ọ̀rá tó ń dì nínú ẹyin méjèèjì tó bíi gíráàmù 3. Tinú epo náà tó 13, bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú oúnjẹ. Ó di 16 láàárọ̀ nìkan, nígbà tó jẹ́ pé bíi 22 ló yẹ kí ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 má kọjá lójúmọ́. Ẹ bọ ẹyin méjì kan náà, 3 ni yóò kù. Ẹni tó bá sì fẹ́ dín in, kí ó fi ṣíbí kan òróró ẹ̀pà ṣe é, nǹkan bí gíráàmù 2 ló máa fi kún un. Ẹni tó yọ pupa dànù tó sì da epo síbẹ̀, ibi tí ewu ò pọ̀ sí ló dín kù.

Ọmọ Àpáta: Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ bàbá mi lẹ́nu, a sì ti ní kí wọ́n má jẹ ẹyin mọ́. Ṣé kí wọ́n padà sí i ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbòwó: Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ ríru àti kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù kì í ṣe ohun kan náà. Iyọ̀ àti mágì inú ọbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà wọn bóyá wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀.

Akéde, ẹ má gbàgbé pé ara ò dọ́gba. Àwọn kan wà tí kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù tiwọn máa ń ga ju ti ẹlòmíì lọ bí wọ́n bá jẹ ẹyin, àwọn kan sì jogún kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù gíga láti ìdílé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó wo ìlà tí wọ́n kọ LDL sí, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù búburú. Kí ó wá fi ẹyin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìyí oúnjẹ mìíràn padà, kí ó sì tún un ṣe níbi àyẹ̀wò kan náà. Bí ó bá dáwọ́ epo àti ẹran ọlọ́ràá dúró pọ̀ mọ́ ọn, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Akéde Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tún un kọ: "Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹyin kan lójúmọ́ kì í gbé kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù dé ojú ewu. Ẹ ṣọ́ epo tí ẹ fi ń dín in. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù gíga wà nídìí ìran rẹ̀, kí ó bi dókítà kó tó mú iye tí yóò máa jẹ."

Nọ́ọ̀sì Àgbòwó: Ó dára. Kìkì pé lórí ìtọ̀ ṣúgà, ìwádìí ò tíì fẹnu kò: àwọn kan rí ewu, àwọn kan ò rí i. Èmi ì bá sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún wọn lórí afẹ́fẹ́.

Ìyá Oúnjẹ Sàngó: Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta? Wọn á gbọ́ "ewu" nìkan. Mo fara mọ́ bí Akéde ṣe kọ ọ́.