Ọ̀nà Newton: kí ni kí n ṣe tí ìdagẹ̀rẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yanjú èyí. Mo ń wá gbòǹgbò x³ − 2x − 5 = 0. Láti 2, ìlà tó fara kan ìtẹ̀ náà gbé mi dé 2.1, ó kan 2.094568, lẹ́yìn náà 2.0945515. Ó yé mi: àṣìṣe tuntun ń tẹ̀lé àṣìṣe àtijọ́ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yára kéré.

Ṣùgbọ́n láti 0.82, ìdagẹ̀rẹ́ kò ju 0.0172 lọ. Tí a bá fi pín −6.09, tó jẹ́ iye x³ − 2x − 5 níbẹ̀, ó jù mí sí nǹkan bí 354.8! Látibẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kàn ń dá mi padà sí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ibi tí mo wà.

Ṣé kí n há a mọ́ àárín 2 sí 3, kí n máa pín àárín náà sí méjì nígbàkígbà tó bá fò jáde, àbí kí n kàn gé ìgbésẹ̀ náà kúrú?