Ṣé ìyáàlù ni ìlù inú fọ́tò yìí, àbí kẹríkẹrì?

Ẹ̀yin àgbà onílù, mo bẹ̀ yín fún ìrànlọ́wọ́. Nínú fọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n yà níbi ìsìnkú bàbá bàbá mi, mo dá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ̀ nípa owó ẹyọ tí wọ́n fi òwú so yí akèrègbè rẹ̀ ká. Gúdúgúdú náà kò sì ṣòro, nítorí ìlù kékeré olójú kan ni, ó rọ̀ mọ́ onílù lọ́rùn, bílálà méjì ni ó sì fi ń lù ú. Ìlù ńlá olójú méjì tí ó gbé kọ́ èjìká ẹnìkejì ni ó rú mi lójú: ọṣán yí i ká, kọ̀ǹgọ́ sì wà lọ́wọ́ onílù, ṣùgbọ́n n kò rí saworo kankan létí awọ rẹ̀. Ṣé kẹríkẹrì ni, àbí ìyáàlù tí saworo rẹ̀ ti já? Kí ni kí n tún wò lára rẹ̀?