Re: «ìtàjẹ̀ ìjánu»: ta ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú fùrẹ́ẹ̀nì?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkaníìkì níbí. Mo pe púrùjé fùrẹ́ẹ̀nì, ìyẹn lílé fẹ́ẹ́fẹ́ kúrò nínú epo ìjánu, ní «ìtàjẹ̀ ìjánu», mo sì kọ pé kí wọ́n pààrọ̀ pulakẹ́tì tó ń fún dísìkì mọ́, àti dísìkì náà, «tó bá ti gbó». Ṣé ó máa yé èèyàn bẹ́ẹ̀?

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́:
Ìtàjẹ̀ kẹ̀? Ta lo fẹ́ pa, ọmọ mi? Àwọn ará Nàìjíríà tó ń tú «bleed» ti Gẹ̀ẹ́sì ló kó ẹ̀jẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tó jẹ́ pé Faransé la fi kọ́ iṣẹ́, púrùjé la gbọ́, púrùjé yẹn náà sì ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ fún ọmọ lóògùn ìyàgbẹ́. Ìfọnú ìjánu ni kó o kọ. Àwọn àgbà tó tọ́ wa ò ní gbà láé kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ ohun tí ò lẹ́mìí. «Gbó» ní tiẹ̀ dáa, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni gbogbo nǹkan fùrẹ́ẹ̀nì fi ń gbó, mo máa ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ ni.

Mẹkaníìkì Kétu:
Tíṣà, mo bá yín yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n mi ò gba ìfọnú. Fẹ́ẹ́fẹ́ là ń lé. Epo fùrẹ́ẹ̀nì ò ṣe é tẹ̀ kó súnkì, fẹ́ẹ́fẹ́ ṣe é tẹ̀, ìdí nìyẹn tí pẹ́dà fi ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi búrẹ́dì, tó o bá wá pọ́ńpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta á tún le. Tí pẹ́dà bá kọ́kọ́ le tó wá ń rọra rì lọ sílẹ̀ nígbà tó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó ò sì rí ibi tí epo ti ń jò, ìyẹn kì í ṣe fẹ́ẹ́fẹ́ o, rọ́bà inú pọ́ńpù òkè ni kó o fura sí, o lè púrùjé títí ilẹ̀ á ṣú, kò ní dá nǹkan kan.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. Wá ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara, fi ẹnu kan bọ orí fíìsì púrùjé, kó o ti ẹnu kejì bọ inú ìgò tí epo wà nínú ẹ̀. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀, á rọra tẹ pẹ́dà, á dì í mú. Ìwọ tó wà nísàlẹ̀ á tú fíìsì díẹ̀, epo á jáde pẹ̀lú àwọn hóró fẹ́ẹ́fẹ́, o máa ti fíìsì padà kí ẹni tó wà lókè tó gbẹ́sẹ̀. Tó bá kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, fẹ́ẹ́fẹ́ ló tún máa fà wọlé. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún la fi ń bẹ̀rẹ̀ níbí, torí òun ló jìnnà jù sí pọ́ńpù, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tí ìwé wọn sọ nǹkan míì, ẹ tẹ̀lé ìwé. Ẹ má jẹ́ kí epo tán nínú ike òkè, ẹ sì má da èyí tó jáde sínú ìgò padà sókè láé. Orúkọ ẹ̀: ìyọ́fẹ́ẹ́fẹ́.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́:
Ìyọ́! Ṣé fẹ́ẹ́fẹ́ ń yọ́ bí òrí ni? Ohùn ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré. Ohùn àárín ni «yọ» tó ní kí nǹkan jáde.

Mẹkaníìkì Kétu:
Fóònù ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ náà ń yọ́ wọlé o, Tíṣà, bíi olè.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́:
Yọ́ wọlé ni yẹn, kì í ṣe yọ́ jáde. Ẹ̀yin ará Kétu ẹ ò ní jáwọ́ nínú kí ẹ máa fi ẹ̀fẹ̀ bo àṣìṣe.

Ìyá Oníkẹ́kẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn rí. Mo rí i pé epo inú ike ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń bu kún un, kò sì sí ibi tó ń jò. Ọjọ́ tí mẹkaníìkì fi pulakẹ́tì tuntun sí i, epo ya jáde lókè, ó bó ọ̀dà ọkọ̀ mi. Ṣé òun ló tàjẹ̀ rẹ̀ ni àbí kí lẹ ń pè é?

Mẹkaníìkì Kétu:
Ìyá mi, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sì sí fẹ́ẹ́fẹ́. Bí pulakẹ́tì ṣe ń tín-ín-rín, písítọ́ọ̀nù ń jáde síta sí i láti tẹ̀ lé e, epo á tẹ̀ lé òun náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lílọ sílẹ̀ ẹ ni ọkọ̀ fi ń sọ fún yín pé pulakẹ́tì ti jẹ. Ẹ bu kún un, nígbà tí wọ́n wá ti písítọ́ọ̀nù padà fún pulakẹ́tì tuntun tó nípọn, epo ò ríbi gbé, ó sá jáde. Mẹkaníìkì yín ló yẹ kó fa díẹ̀ kúrò nínú ike kó tó ti písítọ́ọ̀nù, kó sì sáré fi omi fọ èyí tó bá dà sára ọ̀dà.

Ibí yìí gan-an ni «gbó» ti ń dà mí láàmú. Pulakẹ́tì kì í gbó, jíjẹ ló ń jẹ. Èyí tó gun òkè sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ lè jẹ tán láàárín ọdún kan, tọkọ̀ àgbà tí ò jáde á ṣì nípọn. Èmi, tí ohun tó ń fọwọ́ kan dísìkì bá ku mìlímítà 3, láìka irin ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ọn, mo pààrọ̀ ẹ̀, méjèèjì lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó ń *gbó* ni epo, torí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ọdún méjì tí Tíṣà sọ, ti epo nìyẹn. Epo Dọ́ọ̀tì 4 tuntun gbọ́dọ̀ lè dúró dé ìgbóná sẹ́lúsíọ̀sì 230 kó tó hó, èyí tó ti mu omi, 155 ni wọ́n gbà lè jẹ́ kéré jù. Tó bá hó lórí ìsọ̀kalẹ̀, á di ooru tó ṣe é tẹ̀ bíi fẹ́ẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ yín á kan ilẹ̀.

Dísìkì náà ń jẹ. Wọ́n kọ òǹkà tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ jẹ́ sára ẹ̀. Ẹ wo èyí: tuntun ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, ìwọ̀n tó kéré jù 20. Ọmọ iṣẹ́ mi fi píyé kulísì mú un, ó ní 21.8, ó ní ó ṣì dáa. Mo wò ó, etí ìta tí pulakẹ́tì ò dé, tó ṣì ga, ló há sí i. Mo fi pálímẹ̀ wọn inú ojú ọ̀nà pulakẹ́tì níbi mẹ́rin: 20.3, 20.2, 20.3, ìkẹrin 19.8. Èyí tó kéré jù là ń tẹ̀ lé, ó ti lọ. A pààrọ̀ ti apá kejì náà, bẹ́ẹ̀ sì ni pulakẹ́tì.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́:
Mo gba «jẹ» fún dísìkì. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ẹ́? Ẹ wí pé «ó ń jẹ», ó gbọ́dọ̀ ní olùjẹ.

Mẹkaníìkì Kétu:
Pulakẹ́tì ń jẹ dísìkì, dísìkì ń jẹ pulakẹ́tì.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Mo ti yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò. Mo fi «ìyọ fẹ́ẹ́fẹ́» sí lílé fẹ́ẹ́fẹ́, «ìfọnú» sí ìgbà tí a bá ń pààrọ̀ gbogbo epo tó gbó. Ṣé kí n kọ ọ́ pọ̀ ni àbí kí n ya á?

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́:
Kọ ọ́ pọ̀.

Mẹkaníìkì Kétu:
Ya á.

Ìyá Oníkẹ́kẹ́:
Ọ̀dà ọkọ̀ mi ńkọ́?